Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ nọ́ọ̀sì tó ń lọ kàwé sí i: ẹ bá mi yọ ìkorò inú rẹ̀ kúrò

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ni mo wà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ìbàdàn, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin. Yunifásítì Ìbàdàn ti gbà mí fún oyè másítà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sì ṣeé pa pọ̀ mọ́ iṣẹ́ alẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni màá fi tẹ lẹ́tà náà, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Mo fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ láti òní lọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sìn yín láìgbọ́ ẹ ṣé. Nọ́ọ̀sì méjì lẹ ń fi sí aláboyún àti abiyamọ 28 lóru, débi pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni n kì í ráyè wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mẹ́tírọ̀nù kọ̀ láti fún mi ní ìsinmi mi. Ẹ ò mọyì nọ́ọ̀sì. Ibi tí wọ́n ti mọyì ìwé ni mo ń lọ. Ẹ san owó mi fún mi."

Mo mọ̀ pé ó le, ṣùgbọ́n òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè tún un kọ tí n ò fi ní purọ́?

Mẹ́tírọ̀nù Fẹ̀yìntì
O kú oríire, àbúrò mi. N ò bá ẹ jiyàn pé òótọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí o rò ni ẹni tí yóò ka ìwé yìí. Ọ̀gá tó bí ẹ nínú lè kà á lẹ́ẹ̀kan kó gbàgbé, ṣùgbọ́n inú fáìlì rẹ ni lẹ́tà náà ń gbé. Tí o bá nílò ìjẹ́rìí lẹ́yìn ọdún mélòó kan, akọ̀wé tí kò mọ̀ ẹ́ rí ni yóò ṣí fáìlì yẹn, òun ni ìwé tó máa kọ́kọ́ bá pàdé. O sì máa nílò ìjẹ́rìí. Ìlànà tí Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024 fún àwọn tó fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé wọn fún òkè òkun béèrè lẹ́tà ìwà rere láti ọwọ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́. Bí o kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti lọ sókè òkun báyìí, má fọwọ́ ara rẹ ti ilẹ̀kùn náà.

Gbólóhùn tó bà mí lẹ́rù jù ni ti ìfúnpá. O rò pé ilé ìwòsàn lò ń fẹ̀sùn kàn. Lójú agbẹjọ́rò, ìwọ lò ń jẹ́wọ́. Ká ní gìrì mú abiyamọ kan lóṣù yẹn, tí ẹbí rẹ̀ sì gbé ilé ìwòsàn lọ sí kóòtù, ìwé tí ìwọ fúnra rẹ buwọ́ lù ni yóò máa sọ pé o kò wo ìfúnpá. Yọ ọ́ kúrò pátápátá, má ṣe wá ọ̀nà ẹ̀rọ̀ láti tún un sọ.

Ọmọ Òkè-Àdó
Ti "láti òní lọ" náà kò dáa. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé oṣù kan ni nóọ́tìsì fún gbogbo èèyàn. Kọ oṣù kan, ọ̀rọ̀ tán.

Akọ̀wé Òṣìṣẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ìdajì rẹ̀ lẹ mú. Bí ọjọ́ bá ṣe pẹ́ sí lẹ́nu iṣẹ́ ni òfin fi ń wò ó. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni oṣù kan wà fún. Ẹni tó ti lo ọdún méjì àmọ́ tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀: àwọn tí òfin náà pè ní òṣìṣẹ́ kò kan àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ìyẹn ló fà á tí àwọn agbẹjọ́rò fi ń jiyàn bóyá ó kan nọ́ọ̀sì. Nítorí náà, ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí wọ́n fún ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kí o lọ wò. Kí ló sọ?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Mo ti wò ó, sà. Oṣù kan, tàbí kí n san owó oṣù kan. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ni a máa wọlé níléèwé. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́jọ ló kù tí n kò tíì lò.

Akọ̀wé Òṣìṣẹ́
A jẹ́ pé "láti òní lọ" ti sọ ẹ́ di ajigbèsè. Wọ́n á yọ owó oṣù kan nínú owó tí ò ń bèèrè, wọ́n á sì jàre. Fún wọn lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, kí ọjọ́ 30 jẹ́ ọjọ́ tí o máa ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Kọ ọjọ́ méjèèjì sínú lẹ́tà, torí "lẹ́yìn oṣù kan" máa ń dá ìjà sílẹ̀: àwọn kan á ka ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, àwọn mìíràn á ka gbogbo ọjọ́. Ti ìsinmi mẹ́jọ yẹn, má fúnra rẹ yọ ọ́ kúrò nínú nóọ́tìsì. Bèèrè bóyá wọ́n máa jẹ́ kí o lò ó ṣáájú ọjọ́ 30 tàbí wọ́n máa sanwó rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí àwọn yan ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Ìjọba
Èmi ò tiẹ̀ mọ ìdí tó fi fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Kọ̀wé fún ìsinmi ẹ̀kọ́ jàre! Èmi gba tèmi, owó oṣù mi ń wọlé tí mo fi parí.

Mẹ́tírọ̀nù Fẹ̀yìntì
Ọ̀rẹ́ mi, ilé ìwòsàn aládàáni ló wà. Tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ kò bá dárúkọ ìsinmi ẹ̀kọ́, kò sí ibi tó máa gbà á. Ìwọ náà ò sì sọ tán: ẹni tó bá gba ìsinmi ẹ̀kọ́ olówó oṣù sábà máa ń buwọ́ lu àdéhùn pé òun á padà wá sìn fún ọdún mélòó kan. Lẹ́tà mìíràn pátápátá nìyẹn.

Àbúrò, ká padà síbi ọpẹ́. Ohun tó máa ń jẹ́ kí lẹ́tà pẹ̀lẹ́ dún bí irọ́ ni ọpẹ́ tí kò lórí tí kò nídìí: "ẹ ṣeun fún àǹfààní ńlá tí ẹ fún mi." Wá ohun kan péré tí o rí gbà níbẹ̀ ní tòótọ́. Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe lónìí tí o kò mọ̀ nígbà tí o dé?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Àtẹ ìrọbí, mà. Mo lè kà á kí n sì mọ ìgbà tó yẹ kí n pe dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni títa ọmọ tuntun tí kò sunkún jí. Dókítà àgbà kan ló máa ń dúró kọ́ wa lóru.

Mẹ́tírọ̀nù Fẹ̀yìntì
Ó dáa, kọ ìyẹn. Dúpẹ́ lórí ohun tí o gbà, dákẹ́ lórí èyí tí o kò rí gbà. Má kọ pé inú rẹ dùn lọ́jọ́ gbogbo. Orúkọ mẹ́tírọ̀nù yẹn kò gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀, yálà fún rere tàbí fún búburú. Gbólóhùn kan péré ti tó fún ti ìwé: ohun tí o fẹ́ lọ kà àti ọjọ́ tí ẹ ó wọlé. "Ibi tí wọ́n ti mọyì ìwé" ń bú àwọn tó kù lẹ́yìn, àwọn tó máa gba ìpè nígbà tí iléèwé bá bèèrè nípa rẹ.

Ọmọ Òkè-Àdó
Kó fi kún un pé òun á padà wá lẹ́yìn másítà. Inú wọn á dùn.

Akọ̀wé Òṣìṣẹ́
Rárá o, àyàfi tó bá dá a lójú. Ìlérí inú ìwé kì í ṣe ìkíni.

Ibi ìfàlélẹ̀, bó ṣe máa fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ni kó lo okun rẹ̀ sí, torí òun gan-an ni ọ̀gá ń wá nígbà tó bá ń ka lẹ́tà. Mo ti tò ó pọ̀ báyìí:

"Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwòsàn, nípasẹ̀ Ọ̀gá Àgbà Àwọn Nọ́ọ̀sì.

Mo ń fi lẹ́tà yìí sọ fún yín pé mo ń fi ipò mi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí sílẹ̀. Nóọ́tìsì oṣù kan tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi béèrè bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án sì ni màá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn.

Yunifásítì Ìbàdàn ti gbà mí fún oyè másítà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, a ó sì wọlé lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹwàá.

Ní wọ́ọ̀dù yìí ni mo ti kọ́ bí a ti ń ka àtẹ ìrọbí kí ewu tó dé, àti bí a ti ń ta ọmọ tuntun jí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fara balẹ̀ kọ́ mi, pàápàá lóru.

Kí n tó lọ, màá fa kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn olóró, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti àwọn iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ lé ẹni tí ẹ bá yàn lọ́wọ́, a ó sì jọ buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ ìsinmi mẹ́jọ ló kù fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá kí n lò ó ṣáájú ọjọ́ 30 tàbí kí ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ owó tó kù fún mi.

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ pé ẹ kú iṣẹ́."

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ó wọ̀ mí lára, sà. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ti oògùn olóró yẹn ńkọ́, ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń kọ sínú lẹ́tà?

Mẹ́tírọ̀nù Fẹ̀yìntì
Ó tó o. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bá ẹni tó ti lọ. Lọ́jọ́ ìfàlélẹ̀, ẹ jọ ka mọfíìnì àti pẹntasosíìnì ní ìgò kọ̀ọ̀kan, kí iye tó wà nínú àpótí bá ti inú ìwé mu, kí ẹ̀yin méjèèjì kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago. Tí ìgò kan bá dín, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí o bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì tí o bá tìrẹ lọ, orúkọ rẹ ni wọ́n máa dá nígbà tí wọ́n bá ka oògùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ Òkè-Àdó
Tí wọ́n bá kọ̀ láti gba lẹ́tà ńkọ́? Àwọn ọ̀gá kan máa ń ní kéèyàn máa gbé e lọ.

Akọ̀wé Òṣìṣẹ́
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àwọn ilé ẹjọ́ wa gbà pé ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò dúró de ìgbà tí wọ́n bá fèsì pé àwọn gbà. Nítorí náà, ẹ̀rí pé ó dé lo nílò. Tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sára ẹ̀dà tìrẹ. Tí wọ́n bá kọ̀, fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà sí àdírẹ́sì ímeèlì ilé ìwòsàn, kí o sì tún gbé e fún ilé iṣẹ́ tó ń gbé ìwé kiri, kí o tọ́jú rìsíìtì.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ó ku nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì méjì sí aláìsàn 28 ṣì ń ká mi lára. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì wà níbẹ̀. Ṣé kí n gbé e mì ni?

Mẹ́tírọ̀nù Fẹ̀yìntì
Má gbé e mì. Kọ ọ́ sí ìwé ọ̀tọ̀ sí Ọ̀gá Àgbà Àwọn Nọ́ọ̀sì: ọjọ́, iṣẹ́ àárọ̀ tàbí ti alẹ́, iye nọ́ọ̀sì, iye aláìsàn, àti ohun tí o rò pé ó lè ṣàtúnṣe. Má dárúkọ aláìsàn kankan. Mú iye náà láti inú rọ́sítà àti ìwé ìròyìn wọ́ọ̀dù, má mú un láti orí. Fún wọn nígbà tí o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n lè bi ẹ́ léèrè.

Akọ̀wé Òṣìṣẹ́
Níbẹ̀ ni mi ò ti bá yín lọ, mà. Kó gba owó rẹ̀ àti ìwé pé kò jẹ ilé ìwòsàn ní gbèsè kankan ná, kó tó fi ìwé yẹn ránṣẹ́. Mo ti rí fọ́ọ̀mù tó jókòó sórí tábìlì ọ̀gá nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Mẹ́tírọ̀nù Fẹ̀yìntì
Ta ló máa ka ti ẹni tó ti lọ? Wọ́n á ní ìbínú ló ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Mo gbọ́ ti ẹ̀yin méjèèjì. Màá kọ́kọ́ mú lẹ́tà lọ ní Mọ́ńdè. Mo ti ń ṣa iye náà jọ láti inú ìwé ìròyìn wọ́ọ̀dù. Mi ò tíì mọ ọjọ́ tí màá fún wọn.