Àbọ̀ lórí ilẹ̀ Ìkòròdú: a ti ra á, ó ku ìfọwọ́sí gómìnà

Ìbéèrè tí mo bi yín níbí: "Ojúlówó sí-ọ́fù-ó, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba, wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ilẹ̀. Ṣé mo ṣì ní láti wádìí ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Aláùsá?"

Lọ́yà mi lọ. Orúkọ ẹni tó ń tà á ló wà nínú fáìlì lóòótọ́, àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó ti fi ilẹ̀ náà dúró fún gbèsè ní báńkì, kò sì sí ìwé ìdásílẹ̀ tí báńkì fi yọwọ́ lórí ilẹ̀ náà tó tẹ̀ lé e. Ó ti san gbèsè tán, ìyẹn ni sí-ọ́fù-ó fi padà sọ́wọ́ ẹ̀. Kò kàn lọ forúkọ ìdásílẹ̀ sílẹ̀ ni. Ẹni tó dá mi lóhùn pé "bó bá ti di ojúlówó mú, kò jẹ gbèsè" rò ó dáadáa, àmọ́ fáìlì ìjọba ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. N ò sanwó títí báńkì fi kọ ìdásílẹ̀, tí wọ́n sì fi sínú fáìlì.

Ẹ̀gbọ́n awọnlẹ̀ tó ní ká yẹ òpó ilẹ̀ wò, ẹ ṣé. Ọ́fíìsì Sọ̀fíyọ̀ Jẹ́nẹ́rà la ti yẹ ibi tí àwọn òpó ilẹ̀ bọ́ sí wò; kò sí nínú ilẹ̀ ìjọba. Màmá Ìbàdàn, ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí tí ẹ bèèrè nípa ẹ̀ lè má hàn nínú fáìlì rárá, kóòtù ni kí lọ́yà yín wò.

Ìwé tí ẹni tó tà á fi gbé ilẹ̀ náà fún mi ṣì ń dúró de ìfọwọ́sí gómìnà. Kó tó fọwọ́ sí i, wọn ò ní forúkọ mi sílẹ̀.