Àga mi kò jókòó dáadáa nínú fọ́tò pálọ̀ òfìfo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Tanke níbí ní Ìlọrin ni mo ti ń kan àga. Oníbàárà kan fi fọ́tò pálọ̀ rẹ̀ tó ṣófo ránṣẹ́, ó fẹ́ rí bí àga mi yóò ṣe rí níbẹ̀ kó tó sanwó.

Ti ìwọ̀n kò le. Táìlì rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, àga jẹ́ 210, mo sì fà á títí ó fi gba táìlì mẹ́ta àtààbọ̀ níbi tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tẹlẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, ó dà bíi pé ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn.

Mo wá fa ìlà tẹ̀lé àlàfo táìlì títí wọ́n fi pàdé. Ibi tí wọ́n ti pàdé ga tó nǹkan bí 150 tí mo bá fi ilẹ̀kùn wọ̀n ọ́n: ìdúró ló fi yà á. Ìlà apá àga tèmi pàdé ní nǹkan bí 80, torí mo lóṣòó yà á ni. Orí ìjókòó kò hàn tó.

Perspective Warp inú Photoshop tún ìlà ṣe, ṣùgbọ́n ó fa tìmùtìmù gbọọrọ. Mo fẹ́ tún un yà ní 150. Báwo ni mo ṣe lè fi táìlì mọ bí oníbàárà ṣe jìnnà tó nígbà tó ń yà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.