Ìrẹsì awo 400 l'Adó-Èkìtì: bó ṣe parí

"Ẹ jọ̀ọ́, ìrẹsì awo 20 ni mo mọ̀ ọ́n sè. Báwo ni mo ṣe máa ṣírò ti awo 400?"

Ohun tí mo bi yín níjọ́sí nìyẹn. Ẹ ṣeun gan-an fún ìdáhùn yín, a ti ṣe é tán. Kílò 2.5 di kílò 50, àpò kan gééré. Ẹni tó ní kí n sọ gbogbo nǹkan di ìlọ́po 20 jàre lórí ìrẹsì, àmọ́ omi ò rí bẹ́ẹ̀. Màmá tó ní kí n dín in kù ló gbà mí, torí omi kì í tètè gbẹ nínú ìkòkò ńlá.

Owó ló dùn mí. Náírà 920,000 ni gbogbo rẹ̀, tigi-tigi, towó àwọn tó bá mi sè. Mo pín in sí 400, ó jẹ́ 2,300. Ṣùgbọ́n awo 380 ló jáde, torí ṣíbí tá a fi bù ú tóbi jù. Awo kan wá di bíi 2,421.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè iyán, n ò tíì ṣírò ìyẹn. Ti òróró ṣì ń rú mi lójú.