Àwòrán kò hàn, ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ lọ: ìrírí wa pẹ̀lú “bí ó bá jẹ́ báyìí, báyìí ni”

Olùkọ́ ìṣirò

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ran àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ lórí fóònù, ìbéèrè tí àwòrán rẹ̀ kò bá a dé ni ó sì máa ń dá mi lágara jù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ kan kọ̀wé sí mi pé: “Nínú àwòrán yìí, O ni àárín ìlà róbótó náà, igun AOB sì jẹ́ 70°. Kí ni igun ACB?” Àpótí funfun lásán ni mo rí níbi tí ó yẹ kí àwòrán wà. Ọmọ náà ti pa fóònù rẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni 35°, nítorí pé igun tí ó wà ní àárín máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì igun tí ó wà lára ìlà róbótó, bí àwọn méjèèjì bá ń wo apá kan náà lára ìlà róbótó ọ̀hún. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó sọ fún mi pé C kò sí lórí apá kékeré tí ó wà láàárín A àti B. Bí ó bá wà níbẹ̀, apá ńlá ni yóò máa wò, èyí tí í ṣe 290°, ìdajì rẹ̀ sì ni 145°. Mo wá kọ ọ́ pé: “Bí C bá wà lórí apá ńlá, 35° ni. Bí ó bá wà lórí apá kékeré, 145° ni.” Mo lọ sùn, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ọmọ náà kọ 35°, ó sì kùnà. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní ibi tí C wà nínú àwòrán náà tóbi lójú òun. Onígun mẹ́ta ACB ni ó ń wò, kò wo ìlà róbótó rárá. Ẹ̀bi mi ni. Ohun tí ẹni tí ó ti mọ ìdáhùn nìkan lè dá mọ̀ ni mo fi ṣe ẹnu ọ̀nà fún un. Láti ìgbà náà, báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́: “Fi rúlà fa ìlà láti A dé B. Bí C àti O bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà sí ìlà yẹn, 35° ni. Bí ìlà náà bá ya C sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ O, 145° ni, wàá sì rí i pé ẹnu igun C là ju igun ojú ìwé rẹ lọ.” Gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yẹn ń jẹ́ kí ọmọ náà lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ iná

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, èmi kì í da ara mi láàmú tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí ó bá ṣeé ṣe ni mo máa ń kọ sílẹ̀, kí oníbéèrè mú tirẹ̀. Ẹnì kan béèrè iye óòmù tí rẹsísítọ̀ mẹ́ta tí ń dí iná lọ́wọ́ jẹ́ lápapọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ óòmù 6, láìsí àwòrán. Mo kọ ọ́ fún un pé bí wọ́n bá tò tẹ̀ lé ara wọn, 18 ni. Bí wọ́n bá jọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 2 ni. Bí méjì bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí ìkẹta sì tẹ̀ lé wọn, 9 ni. Bí méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹta, 4 ni. Kò sí èyí tí mo fi sílẹ̀. Ó kàn dá mi lóhùn pé: “Èwo wá ni ìdáhùn nínú wọn?”

Olùkọ́ ìṣirò

Ìṣirò rẹ pé, àbúrò, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ náà ni o dá padà sí i lọ́wọ́. Kí ni ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà sọ gan-an?

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ iná

Mo tún un kà. Ó mẹ́nu ba “ibi tí iná ti pín sí méjì”.

Olùkọ́ ìṣirò

Ó dára. Bí wọ́n bá tò tẹ̀ lé ara wọn, iná kò pín rárá. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì jọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, rẹsísítọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò ní ọ̀nà tirẹ̀. Ó wá ku 9 àti 4. Ohun kan ṣoṣo ni o ní láti ní kí ó wò: ṣé rẹsísítọ̀ kan wà tí gbogbo iná gbọ́dọ̀ gbà kọjá, yálà kí ó tó pín tàbí lẹ́yìn tí ó bá tún papọ̀? Bí ó bá wà, 9 ni; bí kò bá sí, 4 ni. Ìgbà mìíràn tilẹ̀ wà tí a kò nílò àwòrán rárá. Bí ìbéèrè bá sọ pé ìlà AC gba àárín róbótó kọjá láti etí dé etí, ibi yòówù kí B wà lára róbótó náà yàtọ̀ sí A àti C, igun ABC jẹ́ 90°.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti ní kí ó dín àwòrán náà kù kí ó tó fi ránṣẹ́? Fọ́tò tèmi kì í lọ bí ó bá ti tóbi jù, àfi kí n gé etí rẹ̀ kúrò.

Olùkọ́ ìṣirò

Ẹ ṣeun, mà. Ó ń ṣiṣẹ́ bí oníbéèrè bá ṣì wà lórí fóònù. Ti oníbéèrè tí ó ti lọ sùn ni à ń sọ.

Nọ́ọ̀sì

Ní ẹnu iṣẹ́ tiwa, a kò lè dúró de àwòrán. Bàbá kan kọ̀wé pé ara ọmọ òun sú, pé ibà sì ń ṣe é, fọ́tò tí ó fi ránṣẹ́ kò sì ṣí. Mo ní kí ó mú ife onígíláàsì, kí ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ibi tí ó sú náà dáadáa, kí ó sì wò ó láti inú ife. Bí àmì náà kò bá parẹ́ lábẹ́ ife, kí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmì yìí kì í tètè hàn lára ẹni tí ó dúdú, nítorí náà mo ní kí ó wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ìpéǹpéjú àti òkè ẹnu pẹ̀lú.

Ohun tí ó yàtọ̀ sí tiyín ni pé “bí ó bá parẹ́, kò sí wàhálà” kò sí nínú ọ̀rọ̀ tiwa. Mo sọ fún un pé bí ó bá parẹ́ pàápàá, tí ọmọ náà ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí ọrùn rẹ̀ le gan-gan, tàbí tí mímí rẹ̀ yí padà, kí ó gbé e lọ bákan náà. Ẹ̀ka tí ó léwu ni mo sì kọ́kọ́ kọ, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ka ọ̀rọ̀ dé ìsàlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ iná

Èyí yé mi. Àmọ́ nínú ìṣirò, ṣé kì í ṣe nọ́ńbà tí ó bá wu ọmọ ni yóò mú?

Olùkọ́ ìṣirò ìpele kejì

Ohun tí mo rí nìyẹn. Èmi kì í kọ nọ́ńbà sí ẹ̀ka kankan mọ́; ọ̀nà ìṣirò nìkan ni mo ń kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n padà sí igun ACB yẹn. Ta ni ó sọ pé C wà lára ìlà róbótó? Bí ó bá jẹ́ pé ìta ni C wà, níbi tí ìlà méjì tí ó kan róbótó náà ní A àti ní B ti pàdé, igun náà di 110°. C á sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó yàtọ̀ sí ti O. Bí ọmọ náà bá tẹ̀ lé rúlà yín, 145° ni yóò kọ.

Olùkọ́ ìṣirò

Òótọ́ ni, n kò rò ó débẹ̀. Màá ní kí ó kọ́kọ́ wò bóyá C wà lára róbótó náà kí ó tó mú rúlà, màá sì fi kún un pé: “Bí àwòrán rẹ kò bá jọ èyí tí mo ṣàpèjúwe, má ṣe lo nọ́ńbà wọ̀nyí, kọ ibi tí C wà ránṣẹ́ sí mi.” Ṣùgbọ́n n kò tíì gbà pé kí a yọ nọ́ńbà kúrò. Ọmọ tí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní aago méje àárọ̀ nílò ohun tí yóò fi yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò.