"Ó ku méjì péré": bí àbúrò mi ṣe jẹ́wọ́ fún mi

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́): Àbúrò mi ọkùnrin ń bá wọn tajà ní búùtíkì kan ní Wàndó. 55,000 sẹ́fà ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i tó ń yáwó kiri: lónìí oògùn ni, lọ́la táyà alùpùpù. Mi ò fura sí lótò, torí kò mutí, kì í sì í pa ìrun jẹ. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ sọ pé òun máa ka ọjà ló wá bá mi nílé. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Mo ti ná owó ọ̀gá."

Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ wá. Owó tó jẹ nídìí lótò nìkan ló ń rántí, kò rántí èyí tó lọ, ìyẹn la fi jókòó ka gbogbo owó tó gba orí fóònù náà jáde àti èyí tó wọlé. 312,000 ló fi kọ nọ́ńbà, 74,000 ló padà wá. Nínú 238,000 tó wọ́ lọ, 187,000 jẹ́ ti ọ̀gá. Á mú owó nínú dúróà nírọ̀lẹ́, á kọ orúkọ oníbàárà tí kò sí sínú ìwé àwìn, á wá ní òun máa dá a padà lọ́la.

Ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ni pé nígbà kan, mẹ́ta nínú nọ́ńbà márùn-ún tó kọ jáde, wọ́n sì san 40,000 fún un. Látìgbà náà ló ti ń sọ pé ó ku méjì péré. Tí jákípọ́ọ̀tì bá wá ga torí ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́, á tún fi kún tirẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé ká sọ fún ọ̀gá kó tó ka ọjà, àbí kí n wá owó náà ká rọra dá a padà?

Ọmọ Kétu: Wọ́n ń ṣe màgòmágó sí bọ́ọ̀lù lótò yẹn ni, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ ọ́ kì í fi í jèrè. Ẹ san owó náà fún un, ẹ jẹ́ kó búra, kó tán síbẹ̀.

Oníkíósì Tẹ́lẹ̀: Mo ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọdún pípẹ́. Ọmọ Kétu, òótọ́ ni pé àwọn tó ń kọ ọ́ kì í jèrè, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣe màgòmágó. Bọ́ọ̀lù 90 ló ń wọ inú ẹ̀rọ, 5 ló ń jáde. Oríṣi àkójọ nọ́ńbà márùn-ún tó lè jáde ju mílíọ̀nù 43 lọ, ọ̀kan ṣoṣo lo sì kọ.

"Ó ku méjì" yẹn ló ń mú wọn. Tí mẹ́ta bá ti jáde, 87 ló kù nínú ẹ̀rọ. Oríṣi àkójọ nọ́ńbà méjì tó lè jáde nínú 87 jẹ́ 3,741, ọ̀kan péré ló jẹ́ tirẹ̀. Ojú rẹ̀ rí méjì, ṣùgbọ́n 3,741 ló wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì tún fa òmíràn, gbogbo bọ́ọ̀lù ti padà sínú ẹ̀rọ, mẹ́ta àná ò wúlò mọ́. Jákípọ́ọ̀tì lè ga títí, bọ́ọ̀lù kì í dín ní 90.

Ní ti owó, Ìyá Ìbejì, ẹ má fi lé e lọ́wọ́. Mo rí àwọn tí ẹbí bá san gbèsè, tí wọ́n tún padà sí kíósì mi kó tó pẹ́, torí ọkàn wọn ti fúyẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kó o fún ọ̀gá. Tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ tó ń sọ pé "kí n ṣáà gba owó mi padà, màá fi í sílẹ̀", ẹ mọ̀ pé kò tíì fi í sílẹ̀.

Ìyàwó Ṣábẹ̀: Ti ọkọ mi yàtọ̀, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ń ta tẹ́tẹ́ lé. Ó ní òun mọ àwọn ẹgbẹ́ náà, kì í ṣe oríire bíi ti lótò. Owó èsúsú mi ló kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ṣé ìmọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́?

Oníkíósì Tẹ́lẹ̀: Ìmọ̀ wúlò díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ náà mọ bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ti yọ èrè tiwọn kí wọ́n tó sọ iye tí wọ́n máa san. Tó bá wá so ìdíje mẹ́jọ pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí ọ̀kan bá já, gbogbo ẹ̀ já.

Ọmọ Kétu: Mo gba ti bọ́ọ̀lù 90 yẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọ fún ọ̀gá, ó lè pe ọlọ́pàá. Mi ò fara mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé. Orúkọ àwọn tí kò sí wà nínú ìwé àwìn. Tí ọ̀gá bá lọ bi wọ́n léèrè, ó máa mọ̀, ìyẹn ló jẹ́ ká pinnu láti sọ kó tó kà á. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló máa sọ, èmi á tẹ̀ lé e lọ. Mo ní 60,000 tí màá kó lé ọ̀gá lọ́wọ́. A máa bẹ̀ ẹ́ kó máa yọ 20,000 lóṣooṣù nínú owó rẹ̀ títí 127,000 tó kù á fi pé, kó sì máa fi èyí tó bá ṣẹ́ kù ránṣẹ́ sí mi. Àbúrò mi gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ìyá wa, mi ò sì tíì dá a lóhùn lórí ìyẹn.