Sítátà ń yí wọ́ọ́, iná ń ṣú: ṣé wáyà masì ni?

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kétu ni ọkọ̀ náà wà. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 ni, epo bẹntiróòlù ló ń lò. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, sítátà á máa fà á díẹ̀díẹ̀, iná iwájú á ṣú. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, iná á mọ́lẹ̀ padà.

Mo wọn bátìrì: 12.6 fóólìtì kí n tó yí kọ́kọ́rọ́, 11.4 nígbà tí sítátà ń yí. Tó bá jẹ́ sítátà ló ń jẹ iná jù, 11.4 yẹn ì bá já wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti orí pọ́sítíìfù bátìrì sí ẹnu sítátà, 0.2 fóólìtì péré ló ń sọnù. Ṣùgbọ́n láti orí nẹ́gétíìfù sí irin bọ́dì, 1.8 ni, nígbà tí sítátà ń yí! Mo ti ha ẹnu wáyà masì, èyí tó so nẹ́gétíìfù mọ́ bọ́dì, níhà méjèèjì, mo fún bóòtù wọn le, kò yí padà. Mo fura pé inú wáyà ló ti jẹ, lábẹ́ rọ́bà.

Bí mo bá fi wáyà tó nípọn so nẹ́gétíìfù mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tí sítátà sì yí kíákíá, ṣé kí n pààrọ̀ wáyà masì nìkan, àbí ẹ ṣì máa tú sítátà wò? Wáyà mílímítà onígun mẹ́rin 25 ni kí n rà, àbí 35?