Ṣé kí n ra ínfátà ńlá fún pírńtà lésà mi, àbí kí n pààrọ̀ pírńtà náà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iná. Ìbàdàn ni mo wà, mo máa ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lálaalẹ́, iná àdúgbò wa máa ń rẹlẹ̀ dé 160 fóltì dípò 230, ó sì tún lè ga sókè lójijì. Èyí tó ń dùn mí jù ni kí iná lọ nígbà tí ìwé ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Ìwé á há sábẹ́ rólà gbígbóná tó ń yọ́ tónà mọ́ ìwé, fífà á jáde sì lè ba rólà náà jẹ́.

Mo mọ̀ pé sitebiláísà lè tún iná tó rẹlẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò lè ràn mí lọ́wọ́ bí iná bá lọ pátápátá. Ínfátà mi, tí wọ́n kọ 1kVA sí lára, ń gbé kọ̀ǹpútà dáadáa. Bí mo bá so pírńtà mọ́ ọn, bí rólà bá ti ń gbóná ló ń ké, tó sì ń paná fúnra rẹ̀. Ínfátà yìí kò lè gbé ju bíi 800 wáàtì lọ, pírńtà lésà sì lè fa ju 1000 lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó rí, ṣé ínfátà ńlá tí iná rẹ̀ rí bíi iná NEPA gan-an ni kí n rà? Àbí kí n ta lésà yìí, kí n ra pírńtà olómi tádàá tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná, kí ínfátà tí mo ní lè gbé e? Ìwé dúdú-àti-funfun ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi.